Mo Wá Ìlú Òkè-Ìtura Dé Ṣàgámù

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ ti bi mí títí ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi. Àwọn kan nínú yín ní ọkọ ni mo lọ wá. Àwọn kan ní mo lọ rí wòlíì. Bàbá Kásálí, àbúrò bàbá mi, ní ìlú tí kò sí ni mo lọ, pé ẹni tó bá di ẹrù lọ sí ìlú tí kò sí, orí ẹni náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlú náà kò sí lóòótọ́. Mo sì lọ síbẹ̀. Mo tún rí ohun tí mo wá lọ.

Àwòrán ara ògiri

Ẹ mọ eré orí tẹlifíṣàn tó máa ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí gbogbo àdúgbò wa máa ń kún yàrá Músẹ́ẹ̀ Àlàní bí àgbàdo inú àpò. Ìlú kan tó ń jẹ́ Òkè-Ìtura ni eré náà dá lé. Ní Òkè-Ìtura, olè ń bẹ, ọba ń bẹ, alága ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ owó ìlú ń bẹ, ayàwòrán kan sì wà tí gbogbo ọmọbìnrin ìlú ń bá ṣọ̀rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán yìí ni wọ́n pè ní Fótò Ojú-Kò-Purọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ayàwòrán yìí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dúró, ó ń purọ́ fún ọmọbìnrin kan. Ìyá wa, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ eré, dìde lórí àpótí. Wọ́n na ìka sí tẹlifíṣàn.

“Múráínà nìyẹn.”

A ní kí wọ́n jókòó, pé òṣèré ni. Wọ́n ní kì í ṣe òṣèré, ẹ̀yìn òṣèré. Kí a tó wo ẹ̀yìn òṣèré, wọ́n ti yí àwòrán padà, ọba ti ń jẹun.

Múráínà ni àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo. Ó ti pé ọdún méje tó ti kúrò nílé, tí a kò gbọ́ ìró rẹ̀. Iṣẹ́ kíkọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe. Bàbá Kásálí, tó ń ta aṣọ òfì, ló ní kó kọ pátákó tuntun fún òun: ALÁJÌ KÁSÁLÍ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ. Nígbà náà, ibi tó jìnnà jù tí Bàbá Kásálí dé ni Ìlọrin. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Bàbá ní àṣìṣe ọmọ náà ni, pé òun kò rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, níwájú gbogbo ẹbí, Múráínà dáhùn pé, “Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́, Bàbá. Mo tiẹ̀ bi yín pé ìgbà wo lẹ lọ Mẹ́kà, ẹ ní kí n máa kun ọ̀dà mi.” Bàbá Kásálí ní kò gbọdọ̀ tẹ agbo ilé náà mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láàyè. Ní ọjọ́ kejì ni ọmọ náà lọ.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mí. Ọdún méje gbáko ni mo fi ń pín lẹ́tà gbogbo ìlú. Mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò, mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Jámánì. Kò sí ọjọ́ kan tí mo gbá lẹ́tà jọ tí mi ò wá ọwọ́ ìkọ̀wé Múráínà láàárín wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, gbogbo wa gbójú lé ẹ̀yìn òṣèré. Àwọn àwòrán èèyàn pọ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan wà láàárín, ọkùnrin kan tó dúró pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Múráínà ni. Ó ti sanra díẹ̀.

Ìdí tí mo fi mọ̀ pé ìlú náà kò sí

Àdúgbò pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a dìde lọ sí Òkè-Ìtura lọ́la. Bàbá Kásálí ní ayédèrú ni gbogbo rẹ̀, ìlú ayédèrú, ṣọ́ọ̀bù ayédèrú, àwòrán ayédèrú. Mo kíyè sí i pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ kíkan tó Bàbá.

Mo ṣe ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Ìwé ńlá kan wà lábẹ́ káńtà wa tí orúkọ gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn kéékèèké tó wà ní abúlé. Ìlú tó ní ààfin, ilé ìwòsàn, bánkì àti ọlọ́pàá bíi ti Òkè-Ìtura, kò lè má ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo yẹ ìwé náà wò láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí Òkè-Ìtura níbẹ̀. Mo tún wo àkọtọ́ mìíràn tí wọ́n lè fi kọ ọ́. Kò sí.

Nítorí náà, ní ti ìlú, òótọ́ ni Bàbá Kásálí sọ. Ó dùn mí.

Ṣùgbọ́n a rí òjò tó ń rọ̀ nínú eré, ìlú tí kò sí kò sì lè gba òjò sí ara. Ibì kan ni wọ́n ti dúró ya eré náà. Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn láti béèrè. Títí di òní, èsì rẹ̀ ṣì ń bọ̀. Mo wá bẹ Músẹ́ẹ̀ Àlàní kó fi fídíò rẹ̀ gba apá tó ń bọ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti òun jókòó, à ń dá a dúró, à ń yí i padà, ìlà funfun ń gba ojú tẹlifíṣàn kọjá bí ìgbà tí òjò ń rọ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Pátákó Fótò Ojú-Kò-Purọ́ ń dán bí ojú ìyàwó, ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n kàn án mọ́ ti ń ṣí. Nọ́ńbà àpótí lẹ́tà wà lára rẹ̀, kò sì sí orúkọ ìlú lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó ń fẹ́ lẹ́tà tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Akọpátákó kò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀. Ẹ wo gbogbo pátákó Ìsẹ́yìn, ẹ ò ní rí ọ̀kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ló ti ń rí iṣẹ́ mìíràn.

Nítorí náà, ayédèrú ni pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátákó ńkọ́? Àwọn ọ̀kadà dúró lápá kan, bíi mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà ara wọn ń parí pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta kan náà, SGM. Ọkọ̀ akérò lè ti ibikíbi wá, ẹ má fi ọkọ̀ akérò mọ ìlú. Ọ̀kadà kì í rìn jìnnà. Ó jọ pé Ṣàgámù ni. Nínú eré, wọ́n ní apẹja ni àwọn ará Òkè-Ìtura, pé etí odò ni ìlú wọn. Àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́yìn olè tó ń sá lọ, obì gbànja ni wọ́n ń bó. Agbọ̀n obì kún ilẹ̀. Mi ò rí ẹja kan.

Ohun tí kámẹ́rà ń sún mọ́, ẹ máa fura sí i. Ohun tí ó gbàgbé sí ẹ̀yìn, òun ni òótọ́.

Mo wá sọ fún Ìyá wa pé, “Ìlú kò sí, ṣọ́ọ̀bù kò sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa náwó tẹ ọgọ́rùn-ún àwòrán èèyàn nítorí eré. Ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán gidi ni wọ́n wọ̀, wọ́n kàn yí pátákó rẹ̀ padà. Ayàwòrán yẹn ló ya Múráínà. Tí mo bá rí i, á sọ ibi tí Múráínà wà.”

Ìyá wa wò mí. “Lọ,” wọ́n ní. “Má jẹ́ kí Kásálí mọ̀.”

Bàbá Kásálí mọ̀ kí n tó di ẹrù tán.

Ìlú olóbì

Ẹni tó bá ń wọ Ṣàgámù fún ìgbà àkọ́kọ́, imú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Òórùn obì tútù àti ti ewé tí wọ́n fi ń bò ó ló ń pàdé èèyàn. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n ń bó o, wọ́n ń ṣà á, ẹnu wọn kò dúró, ọwọ́ wọn kò dúró.

Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni èmi náà ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà wọn sọ̀rọ̀ tán, mo ń wo ẹnu wọn bí adití. Ilé tèmi di “ulé” lẹ́nu wọn, iṣu di “uṣu”. Nígbà tí mo bá fèsì, àwọn náà á máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan bi mí bóyá orí rédíò ni mo ti kọ́ Yorùbá mi. Mo ní Ìsẹ́yìn ni. Ó ní, “Ìsẹ́yìn! Níbi tí wọ́n ti ń kọrin sọ̀rọ̀.” Mi ò mọ̀ pé à ń kọrin.

Mo rí ilé oúnjẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jẹun-Kó-O-Dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí i nínú eré náà lókèèrè, mo sì ti búra fún Músẹ́ẹ̀ Àlàní pé ẹni tó kọ eré ló hùmọ̀ ọ́, pé kò sí ẹni tó máa sọ ilé oúnjẹ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó wà. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, orúkọ akọpátákó wà ní igun. Mo wọlé, mo ní kí wọ́n fún mi ní oúnjẹ ìlú. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ epo àti ẹja gbígbẹ. Mo jókòó, mo ń retí ọbẹ̀.

Olóúnjẹ ní, “Ṣé kò dáa ni?”

“Mo ń dúró de ọbẹ̀ ni, mà.”

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n mú wá láti inú igbó. “Ọbẹ̀ ti wà nínú ẹ̀.”

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ àwo kejì. Bí orúkọ ilé oúnjẹ náà ṣe wí ni mo ṣe, mo dákẹ́.

Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán. Mo wọ mẹ́fà lọ́jọ́ náà. Kò sí èyí tó mọ Múráínà, kò sí èyí tí wọ́n ti ya eré nínú rẹ̀. Ẹni kẹfà ní tí wọ́n bá ti wá ya eré ní ṣọ́ọ̀bù òun, gbogbo Ṣàgámù ni ì bá ti gbọ́ lẹ́nu òun. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlẹ̀kùn tó ní ìmú méjì

Olóúnjẹ mi ló ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé ògiri náà fún un, ògiri tó ń ṣí pẹ̀lú àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú, ó ní, “Ilé Ìyá Olóbì nìyẹn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù fótò.”

Ìyá Olóbì ti dàgbà, wọ́n sì ń bínú. Ilé ìkóbìsí ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn eléré wá fún ọjọ́ méjì, wọ́n kan pátákó mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n lọ, wọ́n gbàgbé pátákó.

“Láti ìgbà náà,” wọ́n ní, “àwọn èèyàn ń kanlẹ̀kùn mi pé kí n ya àwọn. Ìyàwó kan gbé ọmọ wá, ó ti ṣe ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní obì ni mò ń tà. Ó ní òun rí mi ní tẹlifíṣàn. Èmi? Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ yẹn.”

“Níbo ni pátákó náà wà, mà?”

Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. OJÚ-KÒ-PURỌ́ ni wọ́n fi dínà fún àwọn ewúrẹ́.

Mo bẹ̀ wọ́n kí n wo inú ilé. Inú dúdú, simẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ òsì ló sì wà. Nínú eré, fèrèsé wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo wá rántí ìlẹ̀kùn. Nínú eré, nígbà tí ayàwòrán dúró lóde, ìmú ìlẹ̀kùn, ibi tí a ń fi ọwọ́ dì í mú, wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tó wọlé tó kọjú padà sí ìlẹ̀kùn, ìmú náà tún wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ lọ wo ìlẹ̀kùn ilé yín. Tí ìmú rẹ̀ bá wà lápá òsì yín lóde, apá ọ̀tún ló máa bọ́ sí tí ẹ bá wọlé tí ẹ kọjú sí i. Ìlẹ̀kùn méjì ni. Ọkùnrin náà di ìlẹ̀kùn mú ní Ṣàgámù, ó ṣí i sí ibòmíràn.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn Ìyá Olóbì. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ṣe fáàrí nílé, ìdajì rẹ̀ ti wó. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Kásálí láti Ìsẹ́yìn.

Ìyá Olóbì fi obì kan lé mi lọ́wọ́. “Ta lo ń wá gan-an?”

Mo sọ fún wọn. Ìbínú wọn rọ̀.

“Kò sí ẹni tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣeré,” wọ́n ní. “Àwọn tó ń gbé pákó ni mi ò wò dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ń padà sí Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n ní ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù wọn sí. Lọ béèrè.”

Ọjọ́ ìsinmi

Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé Ìkẹ́nnẹ́, oòrùn ti ń wọ̀. Ilé tí àwọn eléré ń lò jẹ́ gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni Mama Fẹ́mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo bá wọn níwájú ilé wọn, wọ́n ń gbá ilẹ̀ kíákíá bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣí gbọ̀ngàn yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré.”

“Àfi ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi. Tí oòrùn bá ti wọ̀ lónìí, Sábáàtì ti dé.”

Ìjọ Onísábáàtì ni wọ́n. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ti Múráínà, mo sọ ti Ìyá wa. Ojú wọn rọ̀, ọwọ́ wọn kò rọ̀. Wọ́n ní, “Ọdún méje lo ti ń dúró. Bá mi dúró fún ọjọ́ kan sí i. Ibí lo máa sùn.”

Mo fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí ilé tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ Sátidé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti sè é. Wọn ò tan iná, wọn ò ra nǹkan kan. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bọ̀, a jẹ ẹ̀wà tútù.

“Ṣé Mùsùlùmí ni ẹ?” Mama Fẹ́mi bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ò ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀.”

“Rárá o.”

“Àwa náà kì í jẹ ẹ́.” Wọ́n tún bu ẹ̀wà sí àwo mi. “O ò ń mu ọtí.”

“Rárá, mà.”

“Àwa náà.” Wọ́n wo ilé òdìkejì, níbi tí ìdílé kan tí kì í ṣe Onísábáàtì ti ń dín nǹkan, tí òórùn rẹ̀ ń pa wá. “Àwọn yẹn ń jẹ gbogbo nǹkan.”

A jọ fi ojú burúkú wo òdìkejì. Ká sọ òtítọ́, oúnjẹ wọn ń wù mí.

Yàrá tó jẹ́ yàrá mẹ́ta

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Mama Fẹ́mi ṣí gbọ̀ngàn.

Ẹ̀yin ará mi, mo rí Òkè-Ìtura. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ilé kan. Pákó fẹ́lẹ́ ni ògiri rẹ̀, wọ́n fi igi gbé e dúró lẹ́yìn bí ẹni tó fi ọ̀pá ti ògiri tó fẹ́ wó. Fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn. Àwọn igi tí a rí nínú fèrèsé, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn wọ́n sára aṣọ. Àjà kò sí lórí yàrá náà, gílóòbù ńlá ló rọ̀ síbẹ̀. Mo rí tábìlì alága ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí igun rẹ̀ kan ti ya. Tábìlì náà ni wọ́n fi ń ṣe káńtà bánkì, tí wọ́n bá gbé àwọ̀n irin síwájú rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ àwọ̀n, tí wọ́n yí kọ́tìnì padà, tí wọ́n kó àwòrán sára ògiri, ṣọ́ọ̀bù fótò dé. Ìwé ńláńlá tó wà lẹ́yìn alága, ẹ̀yìn ìwé nìkan ni, pákó ló wà nínú. Ó yé mi nísinsìnyí bí alága ṣe ń jẹ owó bánkì lóṣooṣù láìjáde nílé.

Àwọn àwòrán náà wà nínú àpótí kan. Mo tú u. Ọmọ ọwọ́, ìyàwó, arúgbó, sójà. Mo fa Múráínà jáde. Mo jókòó sórí tábìlì alága.

“Ayàwòrán wo ló fún yín ní gbogbo èyí, mà?”

“Ayàwòrán kankan kọ́,” Mama Fẹ́mi ní. “Nígbà tí ògiri ṣófo, a ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ mú àwòrán ilé wọn wá. Èyí tèmi, èyí ti ọkọ mi.” Wọ́n gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi. “Èyí ti Pẹ́ńtà. Òun ló kun gbogbo nǹkan tó o ń wò yìí. Òun ló kọ gbogbo pátákó Òkè-Ìtura.”

Mo wo igi inú fèrèsé. Mo wo ẹ̀yìn ìwé alága. Mo ti wá ẹni tó ya Múráínà láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ìgbà kan tó wá sí mi lọ́kàn láti wá ẹni tó kọ pátákó náà, èmi tí akọpátákó jẹ́ àbúrò mi.

“Níbo ló wà?”

“Akaka. Abúlé ni, wọ́n fẹ́ ya apá eré tó jẹ́ ti oko níbẹ̀.”

Akaka

Mi ò ní sọ ti ọ̀kadà tó gbé mi dé ibẹ̀. Ọlọ́run mọ ìdí tó fi dá ẹ̀mí mi sí. Ẹ̀gẹ́ lápá ọ̀tún, ọ̀pẹ lápá òsì, ìyókù jẹ́ kòtò.

Wọ́n ti ń ri pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà abúlé. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà kan. Ó ti sanra ju ti àwòrán lọ. Mo dúró lábẹ́ àkàbà. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

“Orúkọ ìlú ló kù lẹ́yìn nọ́ńbà àpótí lẹ́tà yẹn,” mo ní. “Lẹ́tà ò lè dé ibẹ̀.”

Kò yíjú. Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ó ní, “Wọ́n ò fẹ́ kó débẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní tá a bá fi ìlú gidi sí i, àwọn èèyàn á máa kọ lẹ́tà, àwọn ọba á máa bínú pé àwọn la ń bá wí.”

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́. Mo fà á dìde, ọ̀dà pupa kún bùbá mi. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹ ti rí i.

A jókòó lábẹ́ ọ̀pẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ lẹ́tà, ọdún méje.

“Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fà wọ́n ya. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbà á ní káńtà, ẹ máa gbé e lọ fún Ìyá, Ìyá á ní kí n máa bọ̀ wá bẹ Bàbá Kásálí. Èmi ò sì jẹ̀bi, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ fún?”

“O wá lọ gbé ara rẹ kọ́ ògiri.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kámẹ́rà, ojú òṣèré ló ń tọ̀. Ohun tó bá wà ní ìlà ojú òṣèré nìkan ló máa hàn kedere. Tí wọ́n bá ní kí n to àwòrán, mo máa ń ní kí òṣèré dúró, mo máa ń wọn gíga rẹ̀, mo máa ń gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń wò ó nílé. Mo kàn ní kí Ìyá mọ̀ pé mo wà láàyè, láìsí pé mo bẹ ẹnikẹ́ni.”

“Ìyá ló kọ́kọ́ rí ẹ. Gbogbo wa ń wo òṣèré.”

Ó tẹrí ba. Mo jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tán, mo wo ibòmíràn.

“Mo ń lọ sílé lọ́la,” mo ní. “Mi ò ní kí o bẹ ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó bí ẹ ní kí o wá.”

“Bàbá Kásálí ní nígbà tí òun bá ṣì wà láàyè, n kò gbọdọ̀ tẹ agbo ilé.”

“Bàbá Kásálí ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó sọ pé Òkè-Ìtura kò sí, mo ṣáà ti jókòó sórí tábìlì alága wọn.”

Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí a wọlé mọ̀ pé kò sí ariwo. Ìyá wa jáde, wọ́n di ojú Múráínà mú, wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n fọwọ́ kan etí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó rẹ̀ ẹ́. Wọlé lọ sùn.” Ó wọlé, ó na ara rẹ̀ lórí ẹní Ìyá, oorun gbé e lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ìyá gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti wò ó. Ohun kan náà ni Ìyá ń sọ fún gbogbo wọn: “Ó ń sùn. Ẹ dúró ná.”

Nígbà tó yá, Bàbá Kásálí dé, fìlà ńlá lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Gbogbo wa dìde kí wọn. Ìyá kò dìde. Bàbá wo inú yàrá láti òkè orí Ìyá, wọ́n gbọ́ híhanrun ọmọ náà.

“Ṣé òun gan-an ni?” wọ́n bi Ìyá.

“Ó ń sùn,” Ìyá ní. “Ẹ dúró ná.”

Bàbá Kásálí dúró fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Lẹ́yìn náà wọ́n ká agbádá wọn, wọ́n lọ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì lẹ́yìn àwọn ọmọ Músẹ́ẹ̀ Àlàní, wọ́n dúró de kó jí.